Àga 150 àti kanópì 3 wà nílẹ̀ n'Ìgbógbo: ṣé kí n máa háyà wọn síta?

ỌmọÌgbógbo
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará Ìkòròdú. Nígbà tí a ń ṣe òkú màmá wa, a ra àga rọ́bà 150 àti kanópì 3 dípò kí a háyà, torí ìnáwó náà gba ọjọ́ púpọ̀. Gáréèjì ni gbogbo rẹ̀ wà báyìí. Iṣẹ́ ọ́fíìsì ni mò ń ṣe, òpin ọ̀sẹ̀ nìkan ni mo máa ń ráyè. Mo fẹ́ máa háyà wọn fún àwọn tó ń ṣe òde. Ṣé kí n máa wá oníbàárà fúnra mi ni, àbí kí n kó wọn fún àwọn tó ti wà nídìí iṣẹ́? Mo tún ń rò ó láti yá owó kọpuréétì kí n fi ra 100 àga sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.

BàbáRàmọ́tà
Èló lo fẹ́ ta àga kan? Ẹgbẹ́ wa ń wá bíi 80, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tó ti fọ́ o.

ỌmọÌgbógbo
Ẹ má bínú sà, mi ò tà wọ́n. Háyà ni mò ń bèèrè.

BàbáRàmọ́tà
Háà, mo sáré kà á. Kò burú. Ṣùgbọ́n bí háyà bá sú ẹ, má gbàgbé mi.

AlágaSábó
Má yáwó kankan. Jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣírò. Iye tí mo fẹ́ lò yìí, àpẹẹrẹ lásán ni. Lọ bèèrè iye tí wọ́n ń gbà ládùúgbò rẹ kí o fi rọ́pò rẹ̀. Ká ní àga tuntun kan jẹ́ ₦7,500, o sì ń gba ₦150 lórí ẹ̀ fún òde kan. Àga yẹn gbọ́dọ̀ jáde nígbà 50 kó tó dá owó ara rẹ̀ padà, a ò tíì ka ọṣẹ tí o fi fọ̀ ọ́ àti àwọn ọmọ tó bá ọ gbé e. Sátidé 52 ló wà nínú ọdún. Ààwẹ̀ Rámádánì á mú mẹ́rin lọ, òjò oṣù kẹfà àti oṣù keje á mú tiẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe gbogbo Sátidé tó kù ni gbogbo àga á jáde. Ọdún méjì lè pé kó tó padà sí ojú owó, kọpuréétì sì ń gba èlé wọn lóṣooṣù. Èyí tó wà nílẹ̀ yàtọ̀ sí ìyẹn, torí ìnáwó màmá yín ti san owó rẹ̀ tán.

Ní ti oníbàárà, wàá rí wọn. Wo ₦7,500 àti ₦150 yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Àga kan ṣoṣo tó bá sọnù, owó háyà 50 àga ló gbé lọ. Bí o bá kó 100 jáde gba ₦15,000, tí 97 padà wálé, ₦22,500 ló ti wọlẹ̀. O ti bá wọn ná owó òde wọn nìyẹn. Mo ti rí ọ̀pọ̀ èèyàn tó wọ iṣẹ́ yìí tí wọ́n sì jáde. Oníbàárà kò wọ́n wọn, àga wọn ló ń dín ní méjì mẹ́ta lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ títí tí wọn ò fi lè gba iṣẹ́ 100 mọ́.

Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí. N kì í jẹ́ kí wọ́n já àga sílẹ̀ wúruwùru. Mẹ́wàá mẹ́wàá là ń tò wọ́n lórí ara wọn, a ó kà wọ́n lójú ẹnì kan tí onínàáwó yàn, a ó kọ iye náà sínú rìsíìtì, ẹni yẹn á fọwọ́ sí i. Orúkọ ẹni yẹn ṣe pàtàkì ju orúkọ onínàáwó lọ, torí onínàáwó á wọ aṣọ rẹ̀, á máa jó, kò ní mọ ibi tí àga kankan wà. Nírọ̀lẹ́, ẹni yẹn náà la ó pè, a ó tún tò wọ́n ní mẹ́wàá mẹ́wàá lójú rẹ̀ KÍ Á TÓ gbé ọ̀kankan sínú ọkọ̀. Tí ẹ bá ti kó ẹrù sọ́kọ̀ kí ẹ tó rántí kíkà, ọ̀rọ̀ ti di "àbí ẹ ò kà á dáadáa ni".

ỌmọÌgbógbo
Ẹ ṣeun sà. Ìṣirò 50 yẹn gbọ̀n mí. Mo ti pa ti kọpuréétì tì. Ṣùgbọ́n tí 97 bá padà ńkọ́, ta ló ń san ti mẹ́ta tó kù?

JagunÁgíríìkì
Èyí kì í ṣe ìbéèrè tó le. Gba owó kọ́ṣọ̀n tó tó iye gbogbo ẹrù rẹ kí ó tó kúrò nílé. Àga 100 ní ₦7,500, ₦750,000 nìyẹn. Tó bá sọnù, tìrẹ ti wà lọ́wọ́ rẹ. Tó bá pé, o dá a padà fún wọn. Ẹni tí kò bá lè san án kó lọ jókòó sórí ẹní.

ÌyáÌbejì_Ìmọ̀ta
Jagun, ẹ̀rín pa mí. Ta ló fẹ́ fún ẹ ní ₦750,000 kó tó jókòó sórí àga ₦15,000? Ojú ọ̀nà kan náà ni aláháyà mẹ́rin wà. Wọ́n á kọjá lọ sọ́dọ̀ ẹnìkejì.

AlágaSábó
Jagun kò jìnà sí i, iye ló gbé ga jù. Kọ́ṣọ̀n gbọ́dọ̀ wà. Ohun tó lè sọnù ní ti òótọ́ ni kí o fi wọ̀n ọ́n, torí ẹnikẹ́ni kò lè gbé 100 àga pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Èmi a máa gba iye àga mẹ́rin lórí 100, ìyẹn ₦30,000 nínú àpẹẹrẹ wa. Ẹni tí mi ò mọ̀ rí, tí kò sì sí ẹni tó mọ̀ ọ́n ládùúgbò, mo máa ń gba ju bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí kí n sọ pé àga ti jáde tán.

Ohun méjì ló ń mú kí kọ́ṣọ̀n ṣiṣẹ́. Àkọ́kọ́, ó gbọ́dọ̀ ti wọ àkáǹtì kí ẹrù tó sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tó bá ní "mo máa san án tí ẹ bá dé", tí ẹ bá dé, ìyàwó ti gbé fóònù lọ sálọ̀ọ́nù. Èkejì, kọ iye owó tí wọ́n máa san lórí àga tó bá fọ́ àti èyí tó bá sọnù sínú rìsíìtì láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí o kò bá kọ ọ́, wọ́n á sọ fún ẹ nírọ̀lẹ́ pé àga kan kò ju ₦2,000 lọ, pé àwọn rí i lọ́jà. Bí ó bá sì pé, dá kọ́ṣọ̀n padà ní alẹ́ ọjọ́ náà, lójú wọn. Ẹni tó bá dá owó padà kíákíá, òun ni wọ́n á pè sí ìkómọ tó ń bọ̀.

ÌyáÌbejì_Ìmọ̀ta
Ìkòkò, kúlà àti bẹ́ǹṣì ni èmi ń háyà, mo sì ní àga 60. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ọkùnrin kì í fojú sí. Àwọn àlejò kọ́ ló ń ba àga jẹ́. Àwọn alásè ni, àti àwọn tó ń ṣe dẹkoréṣọ̀n. Alásè á sọ ìkòkò ọbẹ̀ gbígbóná ka orí àga, ojú àga á yọ́ bọ́ sínú. Oní-dẹkoréṣọ̀n á gun orí àga láti so aṣọ mọ́ òkè, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn á sán. Sísán yẹn kì í hàn lójú kan náà o. Ìlà funfun tín-ín-rín kan ló máa ń kọ́kọ́ yọ níbi tí ẹsẹ̀ ti pàdé ìjókòó. Ẹ máa yẹ ibẹ̀ wò nígbà tí ẹ bá ń kà wọ́n padà. Tí ẹ bá rí i, ẹ yọ àga yẹn sọ́tọ̀, torí òde tó ń bọ̀ ni yóò gbé àgbà kan ṣubú, ẹ ó sì máa bẹ̀bẹ̀ níwájú ọmọ-ọmọ.

Nítorí náà mo máa ń mú bẹ́ǹṣì onígi méjì lọ fún àwọn alásè lọ́fẹ̀ẹ́. Mi ò gba kọ́bọ̀ lórí ẹ̀. Láti ìgbà yẹn ni ìkòkò kò ti jó àga mi mọ́.

Èyí tó bá ti gbó nínú oòrùn pẹ̀lú, ẹ fura sí i. Àwọ̀ rẹ̀ á ṣí, tí ẹ bá fọwọ́ ra á, ẹfun á lẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́. Irú ẹ̀ kì í tẹ̀, ó kàn ń já ni. Gáréèjì tí ẹ kó wọn sí yẹn dára, ẹ má kó wọn síta.

ỌmọÌgbógbo
Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ wo gáréèjì. Mẹ́fà ló ní ìlà funfun tí ẹ sọ yẹn, mà. Mo ti kó wọn sí ọ̀tọ̀. Ǹ bá má mọ̀.

Ti àkọ́kọ́ tí mo bèèrè ńkọ́: kí n kó wọn fún ẹni tó ti wà nídìí iṣẹ́? Ẹnì kan lójú ọ̀nà ilé wa ní òun á máa fún mi ní ₦80 lórí àga kan tó bá jáde, òun á wá oníbàárà, òun á gbé e lọ, òun á gbé e bọ̀.

Dẹ́rẹ́bàKórópe
Gbà á. Ẹ̀yin oníṣẹ́ ọ́fíìsì, ẹ ò mọ wàhálà ọkọ̀. Èmi ni mò ń gbé àga kiri láti Ìgbógbo dé Ìjẹ̀dẹ̀ àti Òdògúnyàn lọ́jọ́ Sátidé. Àárọ̀ kò ní ìṣòro, gbogbo èèyàn ló ń yọ̀. Alẹ́ ni wàhálà. Òde tí wọ́n ní yóò parí ní aago mẹ́fà, ní aago mẹ́jọ DJ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mú orin ayé àtijọ́ bọ̀ sójú ẹ̀. Èmi dúró, owó ìdúró ń pọ̀, onínàáwó ní òun kò mọ̀ nípa ẹ̀, aláháyà náà ní òun kò mọ̀. Ta ni yóò san?

Bí o bá fẹ́ dá a ṣe, owó ọkọ̀ kò gbọdọ̀ sí nínú owó àga. Yà á sọ́tọ̀, lọ àti bọ̀, kí onínàáwó san méjèèjì ní àárọ̀. Bá wọn dá aago tí ọkọ̀ yóò dé ní alẹ́, kí ẹ kọ ọ́ pé bí ó bá kọjá wákàtí kan, owó ìdúró wà lórí wọn. Ọ̀pọ̀ á sọ pé "ẹ wá kó o lọ́la". Má gbà. Àga tó bá sùn síta, àwọn ará ilé á gbé ọ̀kan wọlé láti fi wo bọ́ọ̀lù, aládùúgbò á gbé ọ̀kan, gatiméénì á gbé ọ̀kan. Kò sí olè kankan níbẹ̀. Gbogbo wọn ló rò pé ẹnìkan mọ̀.

ÌyáÌbejì_Ìmọ̀ta
Àfi ọjọ́ Orò. Bí wọ́n bá kéde Orò, èmi obìnrin kò lè jáde kó ẹrù mi ní alẹ́, ó di dandan kó sùn síbẹ̀. Mo máa ń bèèrè kí n tó gba iṣẹ́ báyìí, ní pàtàkì lásìkò Màgbó àti Elúkú. Bí ọjọ́ bá kò ó, mo bẹ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kó lọ kà á fún mi. Ẹni tí kì í ṣe ọmọ Ìkòròdú kì í rántí èyí, wọ́n á kàn gba owó oníbàárà tán ni wọ́n á tó gbọ́.

AlágaSábó
₦80 yẹn kò burú, àmọ́ ìbéèrè kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: àga tó bá sọnù, ti ta ni? Bí ó bá ní ti òun ni, kí ẹ jọ kọ ọ́ sílẹ̀, iye kan pàtó lórí àga kan. Bí ó bá ní "a jọ máa wò ó", kó gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Torí wò ó: ní ₦80, àga kan tó sọnù ti jẹ owó àga tó lé ní 93. O kò sì sí níbẹ̀ láti kà á.

Èmi tí mo wà ní Sábó, bí iṣẹ́ 300 bá dé tí mo ní 200, mo máa ń gba 100 lọ́wọ́ ẹlòmíràn láti fi kún un. Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn, kò sí ẹni tó ní gbogbo ẹ̀. Mo máa ń ka ti onítọ̀hún sọ́tọ̀, mo sì máa ń san ohun tó bá sọnù. Wá ẹni tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bèèrè lọ́wọ́ àwọn tó ti fún un lẹ́rù tẹ́lẹ̀, má bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀.

Kó o sì tó fún ẹnikẹ́ni, kọ nǹkan sí ara wọn. Sátidé kan, òde mẹ́ta lè wà lójú títì kan náà ní Ìgbógbo, gbogbo àga funfun, gbogbo rẹ̀ bákan náà. Ní alẹ́ wọ́n á pò pọ̀. Ọ̀dà tí wọ́n fi kọ orúkọ sẹ́yìn àga dára, ṣùgbọ́n ó máa ń ṣí bí a ti ń fọ̀ ọ́. Èmi fi irin gbígbóná tẹ lẹ́tà méjì sí abẹ́ ìjókòó, níbi tó nípọn, kì í ṣe lára ẹsẹ̀. Ọjọ́ Ajé ni àwa aláháyà máa ń pe ara wa: "mẹ́ta yín wà lọ́dọ̀ mi, méjì mi ńkọ́?" Ẹni tí kò bá kọ nǹkan sára tirẹ̀ kò ní ohun tí yóò fi bá wa sọ̀rọ̀.

FótòẸ̀pẹ́
Ẹ kú ìjíròrò. Èmi ò ní àga, kámẹ́rà ni mo ní n'Ẹ̀pẹ́. Kíkà tí ẹ̀ ń sọ yìí, bákan náà ni tèmi. Mo háyà kámẹ́rà kan fún ọmọkùnrin kan tó fẹ́ fi ya ìgbéyàwó. Ó dá a padà, kámẹ́rà wà, lẹ́ǹsì wà, ó pé. Ọjọ́ kẹta ni mo rí i pé bátìrì tó dá padà kì í ṣe tèmi, ti ayédèrú ni, kò gbé ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Báyìí, mo máa ń kọ nọ́mbà tó wà lára kámẹ́rà, lẹ́ǹsì, bátìrì àti ṣájà, mo sì máa ń ya àwòrán kan pẹ̀lú rẹ̀ lójú ẹni tó gbé e wá, kí ó tó jáde níwájú mi. Ṣé ẹ rò pé ó yẹ kí n gba káàdì NIN wọn pamọ́?

JagunÁgíríìkì
Gbà á. Gba ti ìyá wọn pẹ̀lú.

AlágaSábó
Nọ́mbà rẹ̀ ni kí o kọ, tàbí kí o ya àwòrán rẹ̀ bí ó bá gbà. Mímú káàdì ẹlòmíràn pamọ́ máa ń dá ìjà sílẹ̀, ó sì lè sọnù nílé rẹ, kó di pé ìwọ lo jẹ ẹ́ ní gbèsè. Ẹnìkan tó mọ ilé rẹ̀ ló wúlò jù.

ỌmọÌgbógbo
Kanópì ńkọ́? A ò tíì sọ nǹkan kan lórí ẹ̀. Mo rò pé òun ni owó wà nínú ẹ̀ jù.

ÀtíbàbàÌjẹ̀dẹ̀
Òótọ́ lo sọ, ọ̀gá. Iṣẹ́ mi nìyẹn, ríró kanópì. Ká ní kanópì jẹ́ ₦180,000, o ń gba ₦10,000 lórí ẹ̀, àwa tó ń ró o gba ₦3,000 fún ríró àti títú. ₦7,000 kù fún ẹ. Ìjáde 26 ló dá owó padà, díẹ̀ ló fi lé ní ìdajì 50 tí àwọn bàbá sọ lórí àga. Kanópì kì í sì í sọnù. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò ní gba kanópì lọ́wọ́ ẹ kó lọ wá àga lọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Abẹ́ ọ̀kan máa ń gba bíi 50 àga bí kò bá sí tábìlì níbẹ̀. 3 tìrẹ ti bá 150 àga rẹ mu, ẹni tó rà á mọ nǹkan.

Ohun tó ń ba kanópì jẹ́ ni afẹ́fẹ́ àti omi. Ilẹ̀ erùpẹ̀ tàbí ilẹ̀ pupa kò níṣòro, èèkàn irin wọlé, okùn dè é, ó parí. Ojú títì ọ̀dà àti ilẹ̀ íńtálọ́ọ̀kì ni wàhálà wà, torí èèkàn kò wọlé. Àwọn ọmọ aláìnísùúrù á kàn gbé e nàró bẹ́ẹ̀, wọ́n á ní afẹ́fẹ́ kò sí. Ní oṣù kẹrin, afẹ́fẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ òjò kì í kan ilẹ̀kùn.

JagunÁgíríìkì
Kí ló le níbẹ̀? Àdúgbò wo ni kò ti sí òpó iná? Ẹ fi okùn so ó mọ́ òpó iná, kò ní lọ ibì kan.

ÀtíbàbàÌjẹ̀dẹ̀
Jagun, má kọ́ ọmọ ọlọ́mọ níkà. Páìpù irin ni kanópì. Bí okùn bá fa òpó, tàbí páìpù òkè kan wáyà, gbogbo ẹni tó di ẹsẹ̀ kanópì mú ló wà nínú ewu. Ohun àkọ́kọ́ tí mo máa ń wò tí mo bá dé ibi iṣẹ́ ni òkè. Bí wáyà bá sún mọ́lẹ̀, mo ní kí wọ́n yí i sí ẹ̀gbẹ́ kejì, bí wọn ò bá gbà, mo kó irinṣẹ́ mi. Níbi tí èèkàn kò bá ti wọlé, àpò sìmẹ́ńtì tí a rọ yanrìn kún ni à ń dè mọ́ ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí kanópì bá wà létí ara wọn, a tún máa ń so ẹsẹ̀ wọn pọ̀, kí ọ̀kan má dá fò.

Omi ni ìkejì. Bí tapólì kò bá le gbọingbọin, òjò á jókòó sáàárín rẹ̀, á wú bí ikùn aboyún, bí wọn ò bá tètè fi ọ̀pá tí a fi aṣọ wé lórí tì í sókè kó dà nù, páìpù á tẹ̀, gbogbo omi á dà sórí ẹni tó jókòó. Páìpù tó ti tẹ̀ rí, kó o má fi òòlù nà án padà, torí ibẹ̀ náà ni yóò ti tún tẹ̀.

Ọjọ́ kejì òde, tẹ́ tapólì náà sínú oòrùn kí ó gbẹ tinútìta kí o tó ká a. Èyí tí a ká pẹ̀lú ìrì á ní àmì dúdú dúdú, òwú ojú rírán á jẹra, ìyẹn ni ẹ fi máa ń rí i pé ó ya lójú rírán nígbà tí aṣọ rẹ̀ ṣì le.

Dẹ́rẹ́bàKórópe
Ẹ tún sọ fún un kó bèèrè bóyá onínàáwó ti gba àṣẹ kó tó dí títì. Ilé ìgbìmọ̀ ìdàgbàsókè Ìgbógbo-Bàyékù wà níbẹ̀, kí wọ́n lọ bèèrè ohun tí wọ́n fẹ́. Mo ti gbé kanópì dé ibì kan rí tí wọ́n ní a ò gbọdọ̀ ró o, a kó o padà, onínàáwó sì ń bèèrè owó rẹ̀ lọ́wọ́ aláháyà.

ỌmọÌgbógbo
Ìyẹn mú ohun kan wá sí mi lọ́kàn. Bí afẹ́fẹ́ bá gbé kanópì, tó sì ṣe ẹnìkan léṣe, ta ni yóò gba ẹ̀bi? Èmi tí mo ni ín, ẹni tó ró o, àbí onínàáwó tó ní kí a ró o síbẹ̀?

AlágaSábó
Ní tèmi, mo kọ ọ́ sínú rìsíìtì pé bí ìjì bá bẹ̀rẹ̀, kí àlejò kúrò lábẹ́ rẹ̀, kí wọ́n jẹ́ ká tú tapólì. Ìwé yẹn ń ràn mí lọ́wọ́ láti bá wọn sọ̀rọ̀.

ÀtíbàbàÌjẹ̀dẹ̀
Ìwé kò lè dá ẹ̀bi dúró lọ́rùn ẹni, bàbá. Tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ti gbéra nílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, tú tapólì, kí wọ́n pariwo bí wọ́n bá fẹ́. Ẹ bi lọ́yà léèrè ní ti ẹ̀bi.

ÌyáÌbejì_Ìmọ̀ta
Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ tún fi ọ̀kan sílẹ̀. Òkú tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àìsùn ní Fúráìdè, tí wọ́n sin ní Sátidé, tí wọ́n ṣe ìdúpẹ́ ní Sọ́ńdè, owó ìgbà mélòó ni ẹ̀ ń gbà? Èmi ń gba ti ọjọ́ kan ààbọ̀. Ọkọ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan, ó bọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí ni mo fẹ́ gba ti mẹ́ta sí?

AlágaSábó
Mà, àga náà kò lè lọ sí òde mìíràn ní Sátidé yẹn. Ọjọ́ mẹ́ta ló jẹ, ọjọ́ mẹ́ta ni mò ń gbà, mo kàn ń yọ díẹ̀ fún ẹni tí mo bá mọ̀.

ÌyáÌbejì_Ìmọ̀ta
Ní Fúráìdè àti Sọ́ńdè, ta ló ń háyà àga lọ́wọ́ yín tẹ́lẹ̀? Sátidé nìkan lẹ pàdánù.

Dẹ́rẹ́bàKórópe
Ṣọ́ọ̀ṣì ń háyà ní Sọ́ńdè. Ní ààwẹ̀ pàápàá, wọ́n ń háyà fún wàásù. Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ bá oníbàárà sọ ọ́ kí àga tó jáde ṣáá.

ỌmọÌgbógbo
Ẹ ṣeun gan-an. Ohun tí mo fẹ́ ṣe nìyí: 144 àga ló kù lẹ́yìn tí mo yọ mẹ́fà yẹn. Màá tẹ lẹ́tà sí abẹ́ gbogbo wọn lọ́sẹ̀ yìí. Mi ò ní gba iṣẹ́ tó kọjá Ìgbógbo àti Bàyékù, ibi tí ọmọlanke lè gbé e dé láì dúró de ọkọ̀, kí n lè wà níbẹ̀ fúnra mi kà á lọ kí n kà á bọ̀. Ẹni ₦80 yẹn, mo sọ fún un pé kó kọ ọ́ pé tòun ni àga tó bá sọnù. Ó ní "ẹ̀gbọ́n, ẹ ò fọkàn tán mi ni?" Kò tíì pè mí padà.

BàbáRàmọ́tà
Mẹ́fà tí o yọ yẹn, ṣé o máa ta wọ́n?

ÌyáÌbejì_Ìmọ̀ta
Bàbá, àga tó ń fẹ́ já yẹn lẹ fẹ́ fi gbé àwọn àgbà ẹgbẹ́ jókòó? Ọmọ Ìgbógbo, má tà á fún wọn o. Gé ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò, kí àwọn ọmọ ilé má bàa gbé e padà sínú èyí tó dára.